Lẹ́tà Tó Gé Àkòrí Kúrú

Bí akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé bá mú àkòrí wá pé "Ìbámu ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ nínú àwọn èdè Bàǹtú", lẹ́tà tí olùdarí rẹ̀ máa fi fèsì kì í ṣe kékeré. Èdè Bàǹtú lé ní 300. Àwọn èdè yìí ni lẹ́tà náà á kọ́kọ́ gé: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹyọ kan, bíi Súwàhílì.

Nínú Yorùbá, ìwé ńlá àti ajá ńlá, "ńlá" kan náà ni. Ti Súwàhílì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń mú aṣọ ẹbí, àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e á sì wọ̀ ọ́. "Ìwé ńlá ti ṣubú" ni *kitabu kikubwa kimeanguka*. *Ki-* wà lórí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. *Kiboko*, ìyẹn erinmi, náà fi *ki-* bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé ó ní ẹ̀mí, aṣọ ènìyàn ni wọ́n ń wọ̀ fún un: *kiboko mkubwa ameanguka*. Èyí ti wà nínú ìwé gírámà tipẹ́. Ojú ìwé kan péré ni lẹ́tà náà á fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni *rafiki yangu mkubwa amefika*, "ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ti dé". *Mkubwa* àti *amefika* tẹ̀ lé ẹ̀mí tí ọ̀rẹ́ ní, ṣùgbọ́n *yangu*, "mi", tẹ̀ lé ìsọ̀rí tí *rafiki* fúnra rẹ̀ wà. Aṣọ méjì lára ẹnì kan! Ní 1979, Greville Corbett ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tó ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ kì í tètè tẹ̀ lé ìtumọ̀ tó bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń ṣe. Àlàyé yìí nìkan kò tó níbí, torí pé *yangu* àti *mkubwa*, iṣẹ́ yíyán ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, *mbwa wangu*, "ajá mi", ni Súwàhílì ilé-ìwé fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ *mbwa yangu*.

Ìbéèrè náà wá di ẹyọ kan: ṣé ọ̀rọ̀ ìbátan bíi *rafiki*, *ndugu* àti *dada* ló ń fa *yangu*, tí orúkọ ẹranko kì í sì í fà á? Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tí àkòrí àkọ́kọ́ kò lè ní láéláé. Ibẹ̀ ni olùdarí ti ń mọ̀ pé ìwádìí ti kéré tó.

Lẹ́tà náà á tún kìlọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀. Bí a bá pa àwọn ará Nàìróbì, tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́ Súwàhílì lé èdè mìíràn, pọ̀ mọ́ àwọn ará Unguja, ìyàtọ̀ tó bá jáde lè jẹ́ ti ìlú, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀. Kò sì dára láti bi ènìyàn pé èwo ló tọ́, torí ohun tí tíṣà kọ́ ọ ni yóò sọ. Kí wọ́n fi àwòrán ajá hàn án, kó sọ ẹni tó ni ín.

Àkòrí tuntun á wá gùn ju ti àtijọ́ lọ: "Ìbámu ọ̀rọ̀ aṣàfihàn-oníǹkan pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ ẹlẹ́mìí nínú Súwàhílì Unguja".