Owó Bóhóòlù: Ta Ni Kí Ó San Èló?

Nígbà tí àwa onílé márùn-ún tó wà lójú ọ̀nà kan náà n'Ìbàdàn pinnu láti jọ gbẹ́ bóhóòlù, ìpàdé àkọ́kọ́ kò pẹ́ kó tó di ariwo. Alága ní kí á pín owó náà sọ́nà márùn-ún, kí ó dọ́gba. Màmá tó ni ilé àkọ́kọ́, tí òun àti ọmọọmọ rẹ̀ mẹ́ta jọ ń gbé, rọra dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sọ pé n ò ní san. Ṣùgbọ́n ṣé bí èèyàn mẹ́rin ṣe ń lo omi náà ni èèyàn méjìlá ṣe ń lò ó?" Bàbá tó ni ilé ìkẹyìn dáhùn pé, "Màmá, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Wọn ò ní bi ilẹ̀ pé èèyàn mélòó ló wà nílé yín."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa ta ko ara wọn ni pé a kó owó mẹ́ta pọ̀, a ń pè é ní ọ̀kan. Bí ẹ bá ti tú u palẹ̀, tí ẹ bi owó kọ̀ọ̀kan pé kí ló fà á, ìjà yóò dínkù. Mo ti sọ iye owó tiwa di èyí tó rọrùn láti ṣírò, kí ẹ lè bá mi kà á.

Owó kìíní ni ti gbígbẹ́, pẹ̀lú páìpù tí wọ́n ń rì sínú ihò kí ilẹ̀ má baà wó sínú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ ₦1,200,000. Níbi tí omi bá wà ni ẹ̀rọ máa gbẹ́ dé, ìbáà jẹ́ èèyàn mẹ́rin ni yóò mu ún, ìbáà jẹ́ ogójì. Níbí ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: kí ilé márùn-ún pín in dọ́gba, ₦240,000 fún ilé kan. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Orí àpáta ni Ìbàdàn wà, inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta náà àti inú ibi tí àpáta bá ti sán ni omi máa ń wà. Ihò kan lè rí omi kí èyí tí kò jìnnà sí i gbẹ táútáú. Bí ihò bá gbẹ, ta ni yóò ru owó rẹ̀? Gbogbo ilé ni, dọ́gba, nítorí gbogbo yín lẹ jọ dán an wò. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ọgbà rẹ̀ kọ́ ló máa dá a rù.

Owó kejì ni ti súmò tó ń fa omi sókè, táǹkì, àti irin tí táǹkì jókòó lé. Ká ní ó jẹ́ ₦800,000. Èyí yàtọ̀ sí gbígbẹ́, torí iye èèyàn ló ń sọ bí táǹkì yóò ṣe tóbi tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn kan nílò tó lítà 50 sí 100 lóòjọ́. Ogójì èèyàn la jẹ́, nítorí náà ní lítà 50, a nílò lítà 2,000 lójúmọ́. Ká ní ilé Màmá nìkan ni, lítà 200 ti tó. Níbí ni ọ̀rọ̀ Màmá ti jáde: kí á pín in sórí èèyàn, ₦20,000 fún orí kan. Ilé rẹ̀ san ₦80,000, ilé Bàbá tó ní èèyàn méjìlá san ₦240,000.

Owó kẹta ni ti páìpù ojú ọ̀nà, òun ló sì máa ń da orí rú jù. Iwájú ilé Màmá gan-an ni táǹkì wà, ilé Bàbá ló jìnnà jù. Púlọ́ńbà sọ pé láti táǹkì dé ilé kìíní jẹ́ ₦60,000, láti ilé kan sí èkejì sì jẹ́ ₦60,000 bákan náà, àpapọ̀ rẹ̀ ₦300,000. Ẹ wò ó báyìí: apá àkọ́kọ́, gbogbo ilé márààrún ni omi wọn ń gba ibẹ̀ kọjá, kí wọ́n pín in sí márùn-ún, ₦12,000 fún ilé kan. Apá kejì, omi Màmá kò dé ibẹ̀ mọ́, ilé mẹ́rin tó kù ni yóò pín in, ₦15,000. Apá kẹta jẹ́ ti ilé mẹ́ta, ₦20,000. Apá kẹrin jẹ́ ti méjì, ₦30,000. Apá ìkẹyìn, Bàbá nìkan ló ń lò ó, òun nìkan ni yóò san ₦60,000 rẹ̀. Nípa báyìí, páìpù Màmá jẹ́ ₦12,000, ti Bàbá jẹ́ ₦137,000.

Ìlànà yìí ní gbòǹgbò nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ní 1953, Lloyd Shapley, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2012, ṣàlàyé bí a ṣe lè pín ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ṣe lọ́nà tí kò ní rẹ́ ẹnì kankan jẹ. Ní 1973, Littlechild àti Owen fi ṣe ìṣirò ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Bàálù kékeré kò nílò ọ̀nà gígùn, nítorí náà apá tí gbogbo bàálù ń lò ni yóò bá wọn dá sí, kí àwọn ńlá ru ìyókù. Páìpù wa àti ọ̀nà bàálù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦332,000 bọ́ sórí Màmá. Ilé kejì tó ní èèyàn mẹ́fà san ₦387,000, ilé kẹta tó ní mẹ́jọ san ₦447,000, ilé kẹrin tó ní mẹ́wàá san ₦517,000, Bàbá sì san ₦617,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,300,000 géérégé. Ká ní a pín in dọ́gba ni, ₦460,000 ni Màmá ì bá san, ìyẹn ni pé ì bá fi ₦128,000 gbọ́ bùkátà omi ilé ẹlòmíràn. Bàbá fajú ro díẹ̀, àmọ́ Akọ̀wé bi í pé, "Bàbá, bí ẹ bá dá gbẹ́ tiyín, èló ni?" Gbígbẹ́ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gbèsè rẹ̀ nínú àjọṣe. Ẹ fi ìbéèrè yìí dán ìpín yín wò nígbà gbogbo: bí ó bá ku ẹnì kan tí owó rẹ̀ ju ohun tí yóò ná bó bá dá ṣe é lọ, ìpín náà kò tíì dára, ẹni náà yóò sì yọwọ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹni tó bá kọ́ ilé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ńkọ́? Kí ó san bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Bí ilé bá di mẹ́fà, ìpín gbígbẹ́ di ₦200,000. Ẹni tuntun san án, ilé márùn-ún àkọ́kọ́ sì gba ₦40,000 padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bákan náà fún táǹkì àti apá páìpù tí yóò lò.

Lẹ́yìn èyí ni owó oṣooṣù wá. Onílé ló ń san owó ìpilẹ̀, torí bí ayálégbé bá kó lọ, kò lè gbé bóhóòlù dání. Iná àti àtúnṣe ni kí ayálégbé bá wọn dá sí, lórí iye èèyàn. Ẹ má gbàgbé pé súmò yóò kú lọ́jọ́ kan, pàápàá bí omi bá fà sẹ́yìn ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí súmò sì ń ṣiṣẹ́ láìsí omi. Bí tuntun bá jẹ́ ₦240,000, tí ẹ retí pé yóò lo ọdún mẹ́rin, ₦5,000 lóṣù lẹ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, ìyẹn ₦125 fún orí kan. Ilé Màmá yóò máa dá ₦500, ilé Bàbá ₦1,500. Ẹni tó bá ń ta omi tàbí tó ń fọ mọ́tò, ẹ fi mítà sí ẹnu páìpù rẹ̀, kí ó san iye lítà tó lò.

Ẹ̀yin akọ̀wé àdúgbò, lóṣooṣù, ẹ wo orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Bí wọ́n bá wá láti ibi gbogbo, ó lè jẹ́ àìrówó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn ilé kékeré nìkan ni wọ́n, ẹ má fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà wọ́n. Ìpín yín ló wọ́. Ẹ gbé ìwé ìṣirò padà wá sípàdé, kí ẹ tún un pín.