Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Bá Dáwọ́ Dúró: Ooru Òjijì, Oògùn Họ́mónù àti Ìtọ́jú Egungun

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù díẹ̀, láìsí ibà kankan lára wọn. Ohun tó ń ṣe wọ́n ni pé ooru á dédé ru láti àyà, á gun ọrùn àti ojú, òógùn á bo gbogbo ara, aṣọ tí wọ́n fi sùn á rin gbingbin, lẹ́yìn náà òtútù á wá mú wọn. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa, ibà lọkàn èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá ti wà láàárín ọdún 45 sí 55, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti ń ṣe ségesège, ó yẹ ká wo ibòmíràn.

Ooru yìí kì í pẹ́ lára. Ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún ló sábà máa ń lò, á lọ, á tún padà wá, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọn ìgbóná ara, kò ní fi ibà hàn, kì í sì í mú èèyàn bì. Ibà ní tirẹ̀ máa ń le sí i láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àmọ́ ooru yìí lè máa báni fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í gbà tó wákàtí kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí ẹ tó ra oògùn. Ṣùgbọ́n bí òógùn òru bá wá pẹ̀lú ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ara ń rù láìnídìí, tàbí tí ọwọ́ ń gbọ̀n tí àyà sì ń já pìpì, ẹ má ṣe dá a lẹ́bi fún nǹkan oṣù. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àìsàn mìíràn tó ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Kí ló ń fa ooru náà? Ilé ẹyin obìnrin ló ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, èròjà yìí á máa dínkù, títí nǹkan oṣù á fi dáwọ́ dúró pátápátá. Ibi tó ń ṣọ́ ìgbóná ara nínú ọpọlọ á wá di ẹlẹ́gẹ́. Ooru díẹ̀ tí kò tó nǹkan á mú kó tú òógùn jáde bí ẹni pé ara ń jóná. Àìrí oorun sùn dáadáa, ìbínú kíákíá, ìgbàgbé àti ìrora oríkèé ara wà lára ohun tó máa ń bá a rìn. Ojú ara náà lè gbẹ, tí ìbálòpọ̀ á fi máa dunni. Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀, nítorí ọkọ á rò pé ìyàwó òun kò fẹ́ òun mọ́, bẹ́ẹ̀ ìrora ni obìnrin náà ń sá fún. Ìpara ẹ́sítírójìn tí agbára rẹ̀ kéré, tí wọ́n ń fi sí ojú ara nìkan, máa ń yanjú èyí dáadáa.

Ìgbà tí oṣù 12 bá ti kọjá láìrí nǹkan oṣù rárá la tó lè sọ pé ó ti parí. Bí ó bá parí kí obìnrin tó pé ọdún 45, ó yẹ kó rí dókítà, nítorí egungun àti ọkàn rẹ̀ ti pàdánù ẹ́sítírójìn ṣáájú àkókò.

Oògùn họ́mónù ló lágbára jù lọ fún ooru òjijì. Ẹ́sítírójìn tí ara kò ṣe mọ́ ló ń dá padà. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rù rẹ̀? Ní ọdún 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin tó lé ní 16,000 ló wà nínú apá náà. Àwọn kan ń lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú họ́mónù kejì tó jọ purojẹ́sítírónì, àwọn yòókù ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìròyìn tó tàn káàkiri ni pé họ́mónù ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Ó yẹ ká wo bí ó ti pọ̀ tó. Nínú 10,000 obìnrin tí kò lo họ́mónù, nǹkan bí 30 ló ní jẹjẹrẹ ọmú láàárín ọdún kan. Nínú 10,000 tó lò ó, ó di 38. Mẹ́jọ ló lé. Àrùn rọpárọsẹ̀ náà fi mẹ́jọ lé, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan sì fi 18 lé. Ní ọwọ́ kejì, àwọn tí egungun ìbàdí wọn dá fi márùn-ún dínkù. Ewu náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí ìròyìn ṣe gbé e.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí ìròyìn náà kò sọ dáadáa. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin tó wà nínú ìwádìí náà jẹ́ ọdún 63, nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ wọn sì ti parí tipẹ́. Àwọn onímọ̀ ti wá gbà báyìí pé fún obìnrin tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì parí ju ọdún 10 lọ, tí ooru sì ń yọ lẹ́nu, àǹfààní oògùn náà sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 65, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Èkejì ni ilé ọmọ. Bí ilé ọmọ bá ṣì wà, ẹ́sítírójìn nìkan á máa mú kí awọ inú rẹ̀ nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi purojẹ́sítírónì kún un. Obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí ìju kò nílò èkejì yìí. Ní apá kejì ìwádìí náà, tí wọ́n dá dúró ní 2004, irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lo ẹ́sítírójìn nìkan. Jẹjẹrẹ ọmú kò pọ̀ sí i láàárín wọn, ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀.

Ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí ti ilé ọmọ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò tíì mọ ìdí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí fúnra rẹ̀. Àwọn oògùn kan tí kì í ṣe họ́mónù wà tó lè dín ooru kù, kí wọ́n béèrè wọn lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ìyá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 52, tó ń ta aṣọ ní Kánò, kò rí nǹkan oṣù mọ́ láti oṣù 14 sẹ́yìn. Ooru ń jí wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru. Ilé ọmọ wọn ṣì wà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ga, ó jẹ́ 160 lórí 100. Dókítà kò ní kọ họ́mónù lójú ẹsẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè wálẹ̀. Wọ́n á yẹ ọmú wò, wọ́n á sì béèrè nípa jẹjẹrẹ nínú ẹbí. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí a ń fi pa ara ló sàn jù fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, nítorí kò gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá bíi ti oníhóró, kò sì jọ pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n lè lẹ èyí tó ń tú máíkírógíráàmù 50 sílẹ̀ lójúmọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé mílígíráàmù 100 purojẹ́sítírónì mì lálaalẹ́. Alẹ́ ni wọ́n ń lò ó nítorí pé ó máa ń múni tòògbé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó yẹ kí oorun ti padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n padà lọ rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè yọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá oṣù mẹ́fà, tàbí tó tún yọ lẹ́yìn tó ti dá, àfi kí wọ́n yẹ ilé ọmọ wò. Bákan náà ni fún obìnrin tí kò lo oògùn kankan: ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti parí kì í ṣe nǹkan oṣù tó padà wá, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹsẹ̀ kan tó bá dédé wú tó ń dunni, tàbí àyà tó ń dùn pẹ̀lú mímí tó ṣòro, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kẹ́míìsì tó ń ta oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ooru òjijì. Họ́mónù inú rẹ̀ lágbára ju èyí tí à ń sọ lọ, ó sì lè ṣe obìnrin ẹni ọdún 50 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní jàǹbá.

Ọ̀rọ̀ egungun ló kù. Egungun kì í ṣe òkúta. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó o tó sì ń tún un kọ́, ẹ́sítírójìn ló sì ń kó ìwó náà níjàánu. Bí ẹ́sítírójìn bá lọ, ìwó á yára ju ìkọ́ lọ, pàápàá ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Kò ní dunni, ìyẹn ló mú kó burú. Ọjọ́ tí ìyá bá yọ̀ tó fi ọwọ́ tẹlẹ̀ tí ọrùn ọwọ́ sì kán ni wọ́n máa ń mọ̀. Àmì mìíràn ni pé gíga ìyá náà ń dínkù tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan, egungun ẹ̀yìn lè ti rún. Họ́mónù ń dáàbò bo egungun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lò ó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró, egungun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Obìnrin tó ti lé ní ọdún 50 nílò nǹkan bí mílígíráàmù 1,200 kásíọ́mù lóòjọ́. Ife mílíìkì kan máa ń ní nǹkan bí 300. Agolo sàdíìnì kan tí a jẹ tegungun-tegungun lè ní tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewédú, ẹja kéékèèké tí a jẹ pẹ̀lú egungun, àti yóógọ́ọ̀tì á kún èyí tó kù. Fítámì D ló ń jẹ́ kí ara gba kásíọ́mù náà, oòrùn sì ni a ti ń rí i. Ẹni tó ń bo gbogbo ara tàbí tó ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́ lè nílò láti lo hóró rẹ̀.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Egungun máa ń le níbi tí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí ìyá máa rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, kó máa gun àtẹ̀gùn, kó sì máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹwàá láìfọwọ́ tì í. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún kò gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi. Kí ẹ̀yin ọmọ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún òru tí kò bá sí iná, kí ẹ sì kó ẹní tó ń yọ̀ kúrò lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn egungun. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ -2.5 tàbí tó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, egungun ti di ẹlẹ́gẹ́, oògùn sì wà fún un. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀, alẹndironéètì, hóró kan lọ́sẹ̀ ni. Kí wọ́n fi ife omi kíkún gbé e mì láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí ó lè bó ọ̀nà ọ̀fun. Bí ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí, ẹ máa wọn gíga màmá mọ́ ògiri lọ́dọọdún, kí ẹ fi bírò fàlà síbẹ̀. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dínkù sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ mú wọn lọ rí dókítà.