Bí A Ṣe Ń Dáhùn Lẹ́tà Tó Kọ̀ Láti Yá Wa Lówó

Ìyá kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ìwó. Gààrí ni ó ń ṣe tà. Kò ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ni ó máa ń gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, tí yóò sanwó kí wọ́n tó bá a lọ̀ ọ́. Ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀yáwó kan pé kí wọ́n yá òun ní ₦800,000 láti ra ẹ̀rọ àti láti fi ra ẹ̀gẹ́ púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n ní àwọn kò lè yá a.

Àpẹẹrẹ ni ìyá yìí, àpẹẹrẹ sì ni iye owó inú ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ lè fi iye ti yín dípò rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

Ìyá dáhùn pé, "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Tún lẹ́tà yẹn kà fún mi. Kí ni wọ́n ní ó kù?"

Ohun mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà:

1. Kò sí àkọsílẹ̀ iye tí òwò náà ń mú wọlé.
2. Ẹni tó ń tọrọ kò fi owó tirẹ̀ sí i.
3. Kò hàn bí yóò ṣe san owó ní àwọn oṣù tí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n.
4. Kò sí ohun ìdógò.

Bí a bá fẹ́ dáhùn irú lẹ́tà yìí, ojú ìwé kan tó. Kí a kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà wọn, iye tí a tọrọ tẹ́lẹ̀, àti iye tí a ń tọrọ báyìí. Lẹ́yìn náà, kí a mú ọ̀rọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sọ ohun tí a ti yí padà, kí a sì sọ ìwé tí wọn yóò fi rí i pé òótọ́ ni. Kí a má bá wọn jà, kí a má sì ròyìn ohun tí wọn kò béèrè.

Ìyá ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ó ń kọ gbogbo ohun tó tà àti gbogbo ohun tó ná sí i. Ìgbà tí ó parí ni ó tó kọ èsì rẹ̀.

Ní ti èkínní, ó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ní kò sí àkọsílẹ̀. Mo fi ìwé ọ̀sẹ̀ 12 ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kan, mo ń ta àpò gààrí 6 ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ ₦180,000. Ẹ̀gẹ́ gba ₦108,000. Owó ẹ̀rọ gba ₦12,000. Igi ìdáná àti àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ gba ₦24,000. Àpò àti owó ọkọ̀ gba ₦6,000. Ó ku ₦30,000. Oúnjẹ ilé gba ₦15,000 nínú rẹ̀. Ó ku ₦15,000."

Ẹ kíyè sí i pé ó yọ owó oúnjẹ. Ẹni tí kò bá yọ ọ́, inú owó ẹ̀yáwó ni yóò ti jẹun.

Ní ti èkejì, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ní n kò fi owó tèmi sí i. Ẹ̀rọ náà jẹ́ ₦620,000. Ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á wà nínú èyí. Mo ti kó èésú mi, ₦120,000, káàdì rẹ̀ nìyí. Mo ti yọ owó ẹ̀gẹ́ kúrò. ₦500,000 ni mo ń tọrọ báyìí."

Ẹ̀kẹta ni ó le jù. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti sọ pé gbogbo abúlé ni yóò máa gbé ẹ̀gẹ́ wá sí ẹ̀rọ òun. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣèlérí? Kò sí. Nítorí náà, kò ka owó oníbàárà kankan mọ́. Ó kọ ọ́ pé: "Bí mo bá ní ẹ̀rọ, n kò ní san ₦12,000 mọ́ lọ́sẹ̀. Epo àti àtúnṣe yóò gba ₦5,000. Èrè ₦7,000 nìyẹn. Ohun tí yóò máa kù lọ́sẹ̀ yóò di ₦22,000, tàbí ₦88,000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èlé yín fún ọdún kan jẹ́ ₦100,000, nítorí náà màá san ₦50,000 lóṣù fún oṣù 12.

"Ní Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta, ilẹ̀ a máa le, ẹ̀gẹ́ a sì ṣòro wà. Àpò 3 ni mo ń rí tà lọ́sẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn oúnjẹ ilé, ₦14,000 péré ni yóò kù lóṣù. Bí mo bá gba owó ní Oṣù Kẹsàn-án, màá fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù láti Oṣù Kẹwàá dé Oṣù Kìíní. Yóò di ₦80,000. Ohun tí yóò dín nínú owó oṣù méjèèjì jẹ́ ₦72,000."

Ibí yìí ni ìyá ti rí ohun kan. Bí wọ́n bá ti yá a ní ₦800,000, ₦80,000 ni ìbá máa san lóṣù. Nínú ₦88,000, ₦8,000 ni ìbá kù. Oṣù mẹ́rin tó dára kò lè pèsè fún oṣù méjì tó le. Lẹ́tà tó bà á nínú jẹ́ ni ó gbà á lọ́wọ́ gbèsè.

Ní ti ẹ̀kẹrin, kò purọ́. Ó kọ ọ́ pé: "Ilẹ̀ tí mo ń lò jẹ́ ti ẹbí, n kò lè fi dógò. Mo fi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ dógò. Nítorí pé ẹ̀rọ tí a ti lò kì í tó iye tí a rà á, mo mú onídùúró méjì wá; ìwé wọn nìyí."

Láti ọdún 2017 ni òfin kan ti wà ní Nàìjíríà tó jẹ́ kí ènìyàn lè fi ohun ìní tó ṣeé gbé, bí ẹ̀rọ, dógò. Ẹni tó yáni lówó lè fi orúkọ ohun náà sínú ìwé ìjọba, kí ẹlòmíràn má baà tún gbà á ní ìdógò láìmọ̀.

Kí ẹ tó fi èsì ránṣẹ́, ẹ fi ìka tọ gbogbo iye owó inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rí nínú ìwé mìíràn tí ẹ fi sí i, ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ wá ìwé rẹ̀. Ẹ má ṣe jókòó kọ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá ní alẹ́ ọjọ́ kan. Tádàwà kan náà ni yóò wà láti òkè dé ilẹ̀, ọjọ́ ọjà kò sì ní bá ọjọ́ tí ẹ kọ mu. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i.

Ilé ẹ̀yáwó ṣì lè kọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè ìdí tuntun, nítorí ti àkọ́kọ́ ti ní èsì.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ìyá kò fi ka owó oníbàárà mọ́?
2. Bí ìyá bá kọ́kọ́ gba owó náà ní Oṣù Kejìlá, ṣé ₦80,000 yóò ti pé kí Oṣù Kejì tó dé?
3. Ìwé mélòó ni ìyá fi sínú èsì rẹ̀? Ẹ dárúkọ wọn.