Ọjà Tó Kù Sínú Apẹ̀rẹ̀: Kí Ni Kí Oníṣòwò Sọ, Ìgbà Wo Ni Kó Sọ Ọ́?

Baymard Institute, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Denmark tó ń yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń rajà lórí ayélujára wò, kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Ó rí i pé tí èèyàn 10 bá kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ ìsọ̀ orí ayélujára, nǹkan bí 7 nínú wọn ni kì í sanwó. Púpọ̀ wọn kàn ń wo ojú ọjà ni. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tó ní in lọ́kàn láti rà á, ohun tó ń lé wọn sá jù ni owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nígbà tí wọ́n dé ibi ìsanwó, pàápàá owó ìgbéránṣẹ́.

Nítorí àwọn wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò ṣe ń fi ìránnilétí ránṣẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni “Ẹ gbàgbé nǹkan o!” Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ tán kì í sábà gbàgbé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, báǹkì lè kọ káàdì rẹ̀, nọ́ńbà àṣírí tó yẹ kí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ lè má dé. Ó lè máa retí owó oṣù. Ó sì lè máa rò ó bóyá gbájúẹ̀ ni ẹni tó ń tajà náà.

Ká mú obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Shopify ló fi ṣí ìsọ̀ rẹ̀, Paystack ló fi ń gbowó. Ká ní ní aago 6:40 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, oníbàárà kan láti Àkúrẹ́ mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá 5, ₦22,000. Ó kọ ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó yan Àkúrẹ́, owó ìgbéránṣẹ́ ₦4,500 sì yọ sí i. Àròpọ̀ di ₦26,500. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀: oníbàárà yìí ti kọ ibi tí wọ́n ti lè rí i sílẹ̀. Ẹni tó bá kúrò kó tó kọ ímeèlì tàbí nọ́ńbà rẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè ránṣẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí wà lókè pátápátá nínú ojú ewé ìsanwó.

Kí ìyá aládìrẹ tó ránṣẹ́ rárá, ó yẹ kó mọ̀ dájú pé owó kò tíì wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi tiránsífà sanwó sínú àkáǹtì tí Paystack ṣí fún ìgbà díẹ̀, báǹkì sì lè yọ owó lọ́wọ́ oníbàárà kí ìsọ̀ tó gbọ́. Tí owó bá wọlé, Paystack á fi ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `charge.success` ránṣẹ́ sí ìsọ̀. Tí ìyẹn kò bá tíì dé, wọ́n ṣì lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìsanwó náà wo ipò tó wà. Ẹni tí aláàtì ti dún lórí fóònù rẹ̀ pé ₦26,500 ti lọ, tó wá rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé òun kò tíì sanwó, jìbìtì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ibí yìí ni ìránnilétí ti máa ń ba òwò jẹ́ jù, a kì í sì í rí i nínú ìṣirò, nítorí oníbàárà tó bínú lọ kì í wí fún ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀.

Wákàtí kan tó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníbàárà lè ṣì wà lẹ́nu ìsanwó. Tó bá sì pẹ́ jù, yóò ti rà á níbòmíràn. Ní 7:40, ohun tí ìyá aládìrẹ lè kọ rèé:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá 5 tí ẹ mú ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ yín. Ṣé ìsanwó ló fún yín ní wàhálà? Tí báǹkì bá ti yọ owó yín, ẹ má san òmíràn. Ẹ fèsì síbí, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá tíì yọ, ẹ tẹ líǹkì yìí láti parí rẹ̀.”

Kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀, kò sì sí ìkánjú. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ohun tí oníbàárà lè ṣe. Ó pè é ní “ẹ” nítorí a kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń kà á, “o” kan ṣoṣo sì ti tó láti jẹ́ kó dún bí ohùn èèyàn. Líǹkì náà gbọ́dọ̀ gbé e padà sínú apẹ̀rẹ̀ tó fi sílẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọ̀pá 5 àti iye owó kan náà. Tó bá jẹ́ ojú ìsọ̀ lásán ló gbé e lọ, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àdìrẹ náà kiri, ọ̀pọ̀ kò ní yọ ara wọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ kejì tọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó ti tó wákàtí 24. Èyí ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti dá iyèméjì lóhùn: aṣọ náà kì í ṣí tí wọ́n bá fi omi tútù fọ̀ ọ́ (tó bá jẹ́ òótọ́), iye ọjọ́ tí yóò fi dé Àkúrẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe tí aṣọ kò bá rí bí àwòrán. Kó tún sọ ₦4,500 náà ní gbangba, kó má fi pamọ́. Ẹ̀kẹta lè dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àfi tí ó bá jẹ́ pé ìparí oṣù ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n dúró kí owó oṣù wọlé. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kí wọ́n dákẹ́. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ ránṣẹ́ láàárín òru. Èyí tó bá bọ́ sí òru, kó di òwúrọ̀.

Ẹ̀dínwó ńkọ́? Tó bá ń wà nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ nígbà gbogbo, àwọn oníbàárà á mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n á máa fi ọjà sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kí owó lè wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ san ₦22,000 tẹ́lẹ̀ á di ẹni tó ń dúró de ₦20,000. Tí wọ́n bá máa fún un, kó jẹ́ nínú iṣẹ́ ìkẹyìn, ó sì sàn kó jẹ́ pé owó ìgbéránṣẹ́ ni wọ́n dín, nítorí òun ló ń lé èèyàn sá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ó ku ẹyọ kan ṣoṣo”: kí wọ́n sọ ọ́ tó bá kù ẹyọ kan lóòótọ́. Oníbàárà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tún rí gbólóhùn yẹn kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ ìsọ̀ náà gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn WhatsApp ju ímeèlì lọ, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Lórí pèpéle tí ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, oníbàárà gbọ́dọ̀ ti gbà pé kí wọ́n máa ránṣẹ́ sí òun. Tó bá ti ju wákàtí 24 lọ tó ti bá ìsọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ti fọwọ́ sí ṣáájú nìkan ni wọ́n lè fi ránṣẹ́, ìránnilétí apẹ̀rẹ̀ sì wà lára ìpolówó tí wọ́n ń gbowó lé. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, náà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má fi dátà rẹ̀ polówó ọjà fún un. Gbólóhùn kan bí “Tí ẹ kò bá fẹ́ irú èyí mọ́, ẹ kọ DÚRÓ” yẹ kó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì kọ ọ́, kó jẹ́ pé wọ́n dúró lóòótọ́.

Báwo ni ìyá aládìrẹ yóò ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Kò gbọ́dọ̀ ka gbogbo ẹni tó padà wá sanwó sí èrè ìránnilétí, nítorí àwọn kan ì bá padà láìsí i. Kó pín wọn sọ́nà méjì, kó ránṣẹ́ sí ìdajì, kó fi ìdajì sílẹ̀. Ká ní nínú 100 tó ránṣẹ́ sí, 12 sanwó, nínú 100 tí kò ránṣẹ́ sí, 8 sanwó. Mẹ́rin ni iṣẹ́ náà mú wá, kì í ṣe 12. Àwọn èsì tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ lóhùn náà tún ṣe pàtàkì: tí ọ̀pọ̀ bá ń sọ pé káàdì àwọn kò gbà, tàbí pé owó ìgbéránṣẹ́ ti pọ̀ jù, ojú ewé ìsanwó ló yẹ kó tún ṣe kó tó tún ọ̀rọ̀ ìránnilétí kọ.