Nígbà tí Fóònù Inú Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ áàpù Android ló máa ń kọ́kọ́ dán an wò lórí fóònù àfarawé inú kọ̀ǹpútà. Kí fóònù náà tó lè yára, ó nílò agbára kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí Intel ń pè ní VT-x.

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní onítọ̀hún fi Docker sórí Windows. Docker lè tan Hyper-V, tí í máa gba VT-x mọ́wọ́ gbàrà tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn. Bí HAXM, irinṣẹ́ àtijọ́ tí fóònù àfarawé ń lò, bá dé, kò ní rí VT-x lò mọ́. Àṣẹ yìí ló ń tú àṣírí náà:

```
emulator -accel-check
```

Bí èsì bá mẹ́nu kan "Please disable Hyper-V", ọ̀pọ̀ máa ń pa Hyper-V, Docker náà á sì dákẹ́.

Kò pọn dandan. Ọdún 2023 ni Intel ti ṣíwọ́ lórí HAXM. Kí onítọ̀hún yọ ọ́ kúrò, kó fàmì sí "Windows Hypervisor Platform" nínú "Turn Windows features on or off", kó sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Láti ìgbà náà, abẹ́ Hyper-V kan náà ni Docker àti fóònù àfarawé yóò ti jọ máa ṣiṣẹ́.