Bí Oníṣẹ́ Ṣe Ń Tún Ẹ̀rọ Ṣe Láti Òkèèrè

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ tó ń darí omi ní Aliquippa, ní Pennsylvania. Lẹ́yìn náà ni àjọ CISA kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń lo irú rẹ̀ pa 1111, ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá, dà, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lójú íńtánẹ́ẹ̀tì.

Báwo wá ni oníṣẹ́ yóò ṣe wọlé? VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà agbedeméjì, tó ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ kó dé ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fún un ní aago mẹ́wàá sí méjìlá, àǹfààní ìwọlé rẹ̀ yóò parí fúnra rẹ̀ ní méjìlá. Bí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé ẹnìkan tún gbìyànjú ní aago kan, kí wọ́n tètè pe oníṣẹ́ náà.