Nínú Náírà Ọgọ́rùn-ún, Èló Ló Kù?

Ní ọdún 2022, Nigerian Breweries, ilé-iṣẹ́ tó ń pọn Star àti Gulder, ta ọjà bílíọ̀nù náírà 551. Lọ́dún kan náà, Nestlé Nigeria, àwọn tó ń ṣe Milo àti Maggi, ta ọjà bílíọ̀nù 447. Ẹni tó bá wo iye ọjà nìkan yóò ní ilé-iṣẹ́ ọtí ló ń jayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n san gbogbo owó tó yẹ ní sísan tán, tí ìjọba sì gba owó orí tirẹ̀, bílíọ̀nù 13.2 ló kù sọ́wọ́ Nigerian Breweries. Bílíọ̀nù 49 ló kù sọ́wọ́ Nestlé.

Bílíọ̀nù máa ń rú ojú. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà márùndínlọ́gbọ̀n sínú ojú ìwé kan, tí gbogbo wọn sì jẹ́ bílíọ̀nù, ta ni yóò rántí èyí tó tóbi jù nínú wọn, tàbí èyí tó ń pọ̀ sí i? Ohun tí àwọn oníṣirò owó máa ń ṣe ni pé wọ́n á sọ gbogbo owó ọjà ilé-iṣẹ́ náà di náírà 100, kí wọ́n tó wá béèrè pé nínú náírà 100 yìí, èló ni ohun kọ̀ọ̀kan gbé lọ. Kò ju pípín àti ìsọdipúpọ̀ lọ. Fún Nestlé lọ́dún 2022:

```
49 ÷ 447 × 100 = 11
```

Ìyẹn ni pé nínú gbogbo náírà 100 tó wọlé, náírà 11 ni èrè. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Nigerian Breweries, náírà 2 àti 40 kọ́bọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ta ọjà jù lọ ló mú èrè tó kéré jù relé, ìyàtọ̀ náà sì ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọtí kò mọ iṣẹ́. Òwò ọtí ní ìnáwó tirẹ̀: ọkà tí wọ́n ń pọn, ìgò, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù kiri, àti owó tí ìjọba ń gbà lórí ọtí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Nigerian Breweries ń ṣe dáadáa gbọ́dọ̀ fi í wé ilé-iṣẹ́ ọtí bíi tirẹ̀, Guinness Nigeria fún àpẹẹrẹ. Níbẹ̀ náà, ó yẹ kó wo ọjọ́ tí ọdún ìṣirò parí. Lásìkò tí à ń sọ yìí, Guinness ń pa ìwé tirẹ̀ dé ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, nígbà tí Nigerian Breweries ń pa tirẹ̀ dé ní ìparí oṣù Kejìlá. Ìwé méjèèjì lè jẹ́ ti “2023”, kó má jẹ́ pé oṣù kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀nà kejì kì í fi ilé-iṣẹ́ kan wé èkejì. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń fi wé ara rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Wọ́n á mú ọdún kan ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n á pe iye ọdún náà ní 100, wọ́n á sì ṣírò àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e lórí rẹ̀. Ọjà Nestlé jẹ́ bílíọ̀nù 287 lọ́dún 2020. Bí ìyẹn bá jẹ́ 100, ti ọdún 2021 di 123, ti 2022 sì di 156. Ẹ wá wo èrè: bílíọ̀nù 39.2 lọ́dún 2020, 40 lọ́dún 2021, 49 lọ́dún 2022. Lórí òṣùwọ̀n kan náà, ìyẹn jẹ́ 100, 102 àti 125.

Ọjà ti sáré dé 156, èrè ṣì wà ní 125. Èrè náà ń pọ̀ lóòótọ́, ìròyìn ọdọọdún sì lè fi í yangàn, ṣùgbọ́n kò bá ọjà rìn. Bí a bá padà sórí náírà 100 wa, a ó rí i pé náírà 13 àti 70 kọ́bọ̀ ló ń kù lọ́dún 2020, kó tó wálẹ̀ sí 11. Ohun kan ti ń jẹ owó náà láti abẹ́ ṣáájú kí wàhálà ńlá tó dé.

Wàhálà ọ̀hún dé lọ́dún 2023. Nestlé ta ọjà bílíọ̀nù 547, síbẹ̀ ó kéde àdánù bílíọ̀nù 79.5. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò lè rò pé Milo kò tà mọ́, tàbí pé iná mànàmáná àti owó epo ti pa ilé-iṣẹ́ náà. Ìṣirò náírà 100 ló lè sọ fún wa bóyá bẹ́ẹ̀ ni, torí pé yóò jẹ́ ká rí ìlà tí owó gbà jáde gan-an.

Ìlà àkọ́kọ́ ni owó tí wọ́n fi ṣe ọjà fúnra rẹ̀: kòkó, wàrà, ọkà, ike, owó iṣẹ́ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Lọ́dún 2022, ó gba nǹkan bí náírà 65 nínú 100. Lọ́dún 2023, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 60. Ọ̀rọ̀ dára sí i níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpolówó, ìpínkiri àti owó ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo wọn kúrò, èrè inú iṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí náírà 19 lọ́dún 2022 àti nǹkan bí 22 lọ́dún 2023. Ibẹ̀ náà tún dára sí i. Ilé-iṣẹ́ tó kéde àdánù yìí ń ṣe ọjà, ó sì ń tà á, lọ́nà tó sàn ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Ìlà tó kàn ni ti èlé àti gbèsè. Ohun tó ń gba náírà 3 àti díẹ̀ lọ́dún 2022 wá gba nǹkan bí náírà 41 lọ́dún 2023. Náírà 22 kò lè san náírà 41. Kí ọ̀rọ̀ owó orí tó wọ̀ ọ́, àdánù ti jẹ́ náírà 19 lórí ọgọ́rùn-ún. Owó orí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà bí ohun tó lè rí gbà lọ́jọ́ iwájú ló dín in kù sí bíi 14 àtààbọ̀.

Ohun tó fà á kò fara sin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Bánkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ okùn náírà, ó ní kí ọjà fúnra rẹ̀ sọ iye tí dọ́là yóò jẹ́. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí náírà 461 ní ìparí ọdún 2022 di nǹkan bí 900 ní ìparí ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù dọ́là kan ti jẹ mílíọ̀nù náírà 461. Láìyá kọ́bọ̀ sí i, ó bá ara rẹ̀ nínú gbèsè mílíọ̀nù 900. Ìyàtọ̀ yẹn ni òfin ìṣirò ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ bí àdánù ọdún náà. Nestlé jẹ gbèsè dọ́là tó pọ̀.

Nigerian Breweries náà jẹ gbèsè lówó òkèèrè, òun náà sì ṣòfò: bílíọ̀nù 106 lórí ọjà bílíọ̀nù 600, ìyẹn náírà 17 àti 70 kọ́bọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún. Bí ẹni bá dúró níbi àdánù, yóò ní àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ó yẹ kó wo ìlà ọjà pẹ̀lú. Bí ọdún 2022 bá jẹ́ 100, ọjà Nestlé dé 122 lọ́dún 2023, ti Nigerian Breweries kò ju 109 lọ. Àjọ tó ń ṣètò ìṣirò orílẹ̀-èdè sì sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọjà ti wọ́n sí i ní ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun tí wọ́n ń rà ní náírà 100 ti di bíi 129. Nestlé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i; ilé-iṣẹ́ ọtí ti ṣubú sẹ́yìn gidigidi. Ìṣirò tó péye yóò lo ìdajì àárín ọ̀wọ́ngógó gbogbo ọdún dípò ti oṣù kan, ṣùgbọ́n kò ní yí ìdájọ́ náà padà. Ní orílẹ̀-èdè tí ọjà ti ń wọ́n báyìí, òṣùwọ̀n ọdún ìpìlẹ̀ tí kò bá ọ̀wọ́ngógó ṣe pọ̀ máa ń pe owó tó ń yọ́ ní ìdàgbàsókè.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀nà yìí tan ènìyàn jẹ jù lọ ni yíyan ọdún ìpìlẹ̀. Èrè Nigerian Breweries jẹ́ bílíọ̀nù 16.1 lọ́dún 2019, ó sì wálẹ̀ sí 7.4 lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ọtí pa. Èrè bílíọ̀nù 13.2 ti ọdún 2022 ńkọ́? Bí a bá fi 2020 ṣe ìpìlẹ̀, ó di 178: èrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí a bá fi 2019 ṣe é, ó di 82: èrè ti dín kù. Owó kan náà, ìwé kan náà, ìtàn méjì tó tako ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ síwájú onípìn-ín gbọ́dọ̀ sọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ àti ìdí tó fi yàn án.

Bákan náà, àdánù kì í ṣe ìpìlẹ̀. Àdánù Nestlé jẹ́ bílíọ̀nù 79.5 lọ́dún 2023, ó sì di nǹkan bí 165 lọ́dún 2024. Ẹni tó bá ki èyí bọnú ẹ̀rọ ìṣirò láìronú yóò rí nǹkan bí 207, nọ́ńbà tó jọ ìtẹ̀síwájú, bẹ́ẹ̀ ìfàsẹ́yìn ni. Ní irú ibẹ̀, kí wọ́n kọ owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà ló dára jù.

A tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ ọdún yìí ṣì ni ti èṣí. Ọjà Nigerian Breweries dé tírílíọ̀nù 1.08 lọ́dún 2024, ìyẹn nǹkan bí 181 lórí 2023. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ló ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Distell, ilé-iṣẹ́ tó ń ta wáìnì àti ọtí líle ní Nàìjíríà, ó sì da ọjà rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Àfikún ọjà náà kì í ṣe ti Star àti Gulder nìkan.

Ọdún 2024 náà ni Nigerian Breweries gbé ìpín tuntun síta fún àwọn onípìn-ín rẹ̀, láti fi rí nǹkan bí bílíọ̀nù 600 tí yóò fi san gbèsè. Nítorí náà, ìlà tó yẹ kí onípìn-ín kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé tó bá tẹ̀ lé e ni ti èlé àti gbèsè, kó sọ ọ́ di náírà 100, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún 2023 àti 2024. Ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ọdọọdún ni wọ́n máa ń tẹ àkópọ̀ ọdún márùn-ún sí, nínú èyí tí àwọn nọ́ńbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ti ọdún àtẹ̀yìnwá bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n tẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó wà nínú ìwé tuntun ni kó lò, kó sì ka àlàyé tí wọ́n ṣe lórí ìyípadà náà.